Ojú ìwé tí mo bá ti rí, mi ò wá a lẹ́ẹ̀kejì mọ́

Ọjọ́bọ̀ kan ni, lẹ́yìn òjò ọ̀sán. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà ní Under G nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ti máa ń wọlé wá tẹ iṣẹ́ wọn jáde. Ìtẹ̀wé kọ́ ni iṣẹ́ tèmi. Èmi ni wọ́n máa ń gbé ìbéèrè wá bá: "Ẹ bá wa wá gbogbo ohun tí ẹ bá rí lórí ọ̀rọ̀ yìí." Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ti ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí mo ń wá nǹkan káàkiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí mo ń fi ọ̀kan wé èkejì, tí mo sì ń tò wọ́n jọ.

Bàbá kan tó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ló gbé iṣẹ́ ọjọ́ náà fún mi. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sá èso kajú, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú u kó má bàa bu, àti ohun tí àwọn oníbàárà òkè òkun máa ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó sanwó. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, táàbù tó ṣí sílẹ̀ níwájú mi ti tó 40. Bí iná ṣe lọ nìyẹn. Bátìrì yú-pí-ẹ́ẹ̀sì wa ti kú tipẹ́, torí náà kọ̀ǹpútà kú lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀ tí mo sì tún ṣí Chrome, àpótí kékeré kan yọ lókè lápá ọ̀tún, wọ́n kọ `Restore pages?` sí i. Mi ò kà á. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn ìpolówó tó máa ń yọ síni lójú ni, mo tẹ àmì X ara rẹ̀, ó lọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ojú ìwé náà lákọ̀tun. Agogo méje alẹ́ lù kí n tó kúrò nídìí ẹ̀, mi ò sì rí tó ìdajì wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo sọ ọ́ fún ọmọkùnrin kan tó wá ṣe ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tẹ Ctrl, Shift àti T pa pọ̀ ni?" Mo ní kí ló ń ṣe. Ó pa táàbù kan níwájú mi, ó tẹ bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, táàbù náà padà wá. Ó tún tẹ̀ ẹ́, èyí tí mo ti pa ṣáájú rẹ̀ náà wá. Ó pa fèrèsé odindi tí táàbù mẹ́fà wà nínú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà síbi tí wọ́n wà. Dídùn ni mo gbọ́ ọ, àmọ́ ó dùn mí pẹ̀lú, torí pé àná gan-an ni mo nílò rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi dán an wò, mo sì ti mọ ibi tó lágbára dé. Ctrl+Shift+T máa ń dá ohun tí a pa padà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú: èyí tí a pa kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ jí. Táàbù tó bá dá padà kì í ṣe ojú ìwé nìkan, ọ̀nà tó gbà débẹ̀ náà ń bá a bọ̀. Tí mo bá tẹ Alt àti ọfà òsì, ó máa gbé mi padà sí ojú ìwé tí mo wà kí n tó débẹ̀, bíi pé mi ò pa á rí. Lẹ́yìn tí iná bá lọ, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni pé kí n tẹ `Restore` tó bá yọ. Tí mo bá ti ṣèèṣì pa á bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́sí, mo máa tẹ Ctrl+Shift+T kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ ṣí bùráúsà kẹ́ ẹ tún pa á, kẹ́ ẹ tún ṣí i. Ìrántí ìjókòó tó kọjá lọ ló ń lò, tí ẹ bá sì ti ṣí i pa lẹ́ẹ̀mejì, ìjókòó òfìfo tuntun lè ti gba ipò èyí tí ẹ̀ ń wá.

Ibì kan wà tó máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ká ní fèrèsé méjì ló ṣí, ńlá tó ní táàbù 30, àti kékeré kan tó ní ẹyọ kan. Tí ẹ bá pa ńlá ṣáájú, tí ẹ wá pa kékeré kẹ́yìn, nígbà tí ẹ bá tún ṣí Chrome, ó lè jẹ́ kékeré yẹn nìkan ni yóò jáde, ọkàn yín á sì fò lọ. Ńlá ò sọnù. Ẹ tẹ bọ́tìnì mẹ́ta yẹn, yóò jáde. Ohun tí kò ní padà láéláé ni èyí tí ẹ ṣí nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀, tí à ń fi Ctrl+Shift+N ṣí nínú Chrome. Wọn ò kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ sílẹ̀, torí náà kò sí ohun tí wọ́n máa dá padà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ti tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí ẹ ò tíì fi ránṣẹ́ náà, ẹ má gbọ́kàn lé e. Nígbà mìíràn ó máa ń bá a bọ̀, nígbà mìíràn àpótí á ṣófo.

Nígbà tí mi ò pàdánù táàbù mọ́, wàhálà mìíràn ló dé: wọ́n pọ̀ jù, orúkọ wọn ò hàn mọ́ lókè, àwòrán kóńkóló nìkan ló kù. Nínú Chrome, Ctrl+Shift+A ni mo fi ń wá ọ̀nà. Àpótí kan á jáde, màá tẹ ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú orúkọ ojú ìwé náà, bíi "cashew", màá tẹ Enter, ó sì gbé mi lọ síbẹ̀. Àwọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa náà wà nísàlẹ̀ àpótí ọ̀hún. Ẹ̀yin tó ń lo Firefox, ẹ má tẹ ìyẹn o, ibòmíràn ló máa gbé yín lọ. Tiyín ni kí ẹ tẹ Ctrl+L kí ọwọ́ yín bọ́ sínú ibi tí à ń kọ àdírẹ́sì sí, kí ẹ tẹ `%`, kí ẹ fi àyè kan sílẹ̀, kí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń wá.

Ti ojú ìwé àná àti ti ìjẹta ńkọ́? Ctrl+H ló ń ṣí àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tí a ti rìn dé. Èmi kì í sábà ṣí i báyẹn mọ́. Màá tẹ Ctrl+L, màá kọ `@history`, màá tẹ Tab, màá wá kọ ọ̀rọ̀ tí mo rántí. Nínú Firefox, àmì `^` àti àyè kan ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ohun tó gbà mí lákòókò púpọ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n ni pé orúkọ ojú ìwé àti àdírẹ́sì rẹ̀ ni bùráúsà ń wò, kì í wo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo ka ojú ìwé kan dáadáa lórí bí ọ̀rinrin ṣe ń ba kajú jẹ́ nínú àpò. Nígbà tí mo wá a pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mo rántí nínú rẹ̀, kò jáde. Ìwé PDF ni, orúkọ tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ fún un ni `Document1`. Ọjọ́ tí mo kà á ni mo fi rí i níkẹyìn: mo ṣí Ctrl+H, mo wá ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì ń wo àdírẹ́sì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọsílẹ̀ yìí ní ọjọ́ orí. Ti Chrome kì í ju 90 ọjọ́ lọ. Arábìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá ní oṣù karùn-ún, ó ní olùkọ́ òun ní kí òun fi àdírẹ́sì àwọn ojú ìwé tí a lò hàn. Oṣù kìíní la ṣe iṣẹ́ náà. A wá a títí, kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú ẹ̀. A padà wá púpọ̀ nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ àwọn kan ò ṣeé rí. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó pa fèrèsé iṣẹ́ oníbàárà èyíkéyìí, mo máa ń tẹ Ctrl+Shift+D. Ó máa kó gbogbo táàbù tó wà nínú fèrèsé náà sínú fódà kan lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń fi iṣẹ́ àti ọjọ́ pe orúkọ fódà náà, irú bíi "Kajú, 12 oṣù kẹta". Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni, fódà náà ò sì ní lọ àyàfi tí mo bá fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni mo fi sí ìkẹyìn, torí òun ló yí iṣẹ́ mi padà jùlọ. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ń kọ ìwé nípa àwọn ìlú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó ní kí n bá òun to orúkọ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú ìpínlẹ̀ náà, 33 ni wọ́n, pẹ̀lú oríkò kọ̀ọ̀kan, sínú Excel. Mo rí ojú ìwé tí wọ́n ti tò wọ́n sínú tábìlì. Mo gbìyànjú láti fi máòsì fà á kí n lè kọ́pì rẹ̀, àmọ́ ojú ìwé náà kò gbà; bí mo bá ṣe ń fà á ni ìpolówó àárín rẹ̀ ń bá a wọlé. Mo wá ń tẹ̀ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Ó gbà mí ní nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. Bàbá gbé ojú dígí wọn wọ̀, wọ́n fi báírò pupa tọ́ka sí ìlà kan.

"Ọmọ mi, wò ó. O kọ Ìrẹsà-Adú sí iwájú Oríire. Ìkòyí-Ilé ni ti Oríire. Sùúrùlérè ló ni Ìrẹsà-Adú."

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ìlà ló yẹ̀ mọ́ mi lójú."

"Tí ìlà kan bá yẹ̀, báwo la ṣe mọ̀ pé òmíràn ò yẹ̀?"

Mi ò ní èsì. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wa ló ní kí n dìde díẹ̀. Ó tẹ Ctrl+Shift+C, ó sì gbé máòsì sórí tábìlì náà. Bí máòsì ṣe ń rìn ni àwọ̀ búlúù ń bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ orí ọ̀rọ̀ kan nínú tábìlì náà, èyíkéyìí ni, pátákó kan sì ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé. Ó lọ sí ibi tí wọ́n kọ `Console` sí, ó sì tẹ èyí:

```
$0.closest('table').rows.length
```

Èsì tó jáde ni 34. Ó ṣàlàyé fún mi pé `$0` ni ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi máòsì mú, pé `closest` ń gòkè láti ibẹ̀ títí yóò fi kan tábìlì tó gbé e dání, pé ìyókù sì ń ka iye ìlà tó wà nínú tábìlì náà. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 àti ìlà àkọlé kan, 34 pé. Ìgbà tó rí i pé iye náà pé ló tó tẹ èkejì:

```
copy($0.closest('table').innerText)
```

Kò sí ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó kàn kọ `undefined`, èmi sì rò pé kò ṣiṣẹ́. Àmọ́ tábìlì náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí Excel, ó tẹ Ctrl+V, gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sínú àpótí wọn. Ìdí ni pé nígbà tí `innerText` bá ń ka tábìlì, ó máa ń fi àmì Tab sáàárín àpótí kan sí èkejì, ó sì máa ń já sí ìlà tuntun ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Excel fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ìṣòro kan wà síbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí a ṣe rí i. Tábìlì ojú ìwé náà ní òpó mẹ́ta: ẹkùn, ìjọba ìbílẹ̀, àti oríkò. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ orúkọ ẹkùn, wọ́n wá na àpótí rẹ̀ wálẹ̀ títí dé ìjọba ìbílẹ̀ tó kẹ́yìn ní ẹkùn náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ní márùn-ún: Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, Ògo Olúwa, Oríire àti Sùúrùlérè. Èyí tó wà lókè nìkan ló ní ọ̀rọ̀ "Ògbómọ̀ṣọ́" níwájú rẹ̀. Mẹ́rin tó kù ò ní àpótí ẹkùn rárá, torí náà nínú Excel, wọ́n sún sí òsì: orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ bọ́ sí òpó ẹkùn, oríkò bọ́ sí òpó ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tó tú u fó ni òpó kẹta tó ṣófo. Ìlà 28 ni òpó kẹta wọn ṣófo, ìyẹn 33 tí a bá yọ ẹkùn márùn-ún kúrò níbẹ̀. Ìbàdàn ní 11, Òkè-Ògùn 10, Ògbómọ̀ṣọ́ 5, Ọ̀yọ́ 4, Ìbàràpá 3, ẹyọ kan péré ló sì tọ́ nínú ẹkùn kọ̀ọ̀kan.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. A mú àwọn àpótí òpó àkọ́kọ́ tó ṣìnà ní ẹkùn kan, a tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì, a tẹ `Insert`, a mú `Shift cells right`. Wọ́n padà sí àyè wọn. A ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, a wá fa orúkọ ẹkùn wálẹ̀ láti kún àyè tó ṣófo. Láti ìgbà tí bàbá ti bi mí ní ìbéèrè yẹn títí tí a fi parí, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun mẹ́ta ni mo ti rí tó máa ń dènà ọ̀nà yìí. Àkọ́kọ́, tí ẹ bá ń péèsì kóòdù sí `Console` fún ìgbà àkọ́kọ́, Chrome lè kìlọ̀ fún yín, kó ní kí ẹ fi ọwọ́ tẹ `allow pasting` ná. Ìkìlọ̀ náà tọ̀nà. Ohunkóhun tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀ lè ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe lórí ojú ìwé náà, títí kan àkáǹtì tí ẹ ti wọlé sí. Kóòdù tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí yín lórí Wọ́sáàpù tí ẹ ò lóye, ẹ má fi síbẹ̀ láéláé. Èmi máa ń fi ọwọ́ tẹ ìlà méjì yìí, wọn ò gùn.

Èkejì, ohun tó jọ tábìlì lójú lè má jẹ́ tábìlì. Tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ pupa tó ní `Cannot read properties of null`, ohun tó ń sọ ni pé ó gòkè láti ibi tí ẹ tẹ̀, kò sì kan tábìlì kankan. Ó lè jẹ́ pé ẹ tẹ ìta rẹ̀, ẹ tún mú un. Tó bá tún sọ bẹ́ẹ̀, àpótí lásán ni wọ́n tò jọ bíi tábìlì, ọ̀nà yìí ò sì ní bá a ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ló léwu jù, torí kì í pariwo. Àwọn ojú ìwé kan wà tó jẹ́ pé ìlà 10 ni wọ́n ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan, ìyókù ò ní dé àyàfi tí ẹ bá tẹ "Next". Tí ẹ bá kọ́pì rẹ̀, 10 yẹn nìkan lẹ máa kó, yóò sì dà bíi pé iṣẹ́ ti parí. Ìdí tí mi ò fi ń fo ìlà àkọ́kọ́ nìyẹn, èyí tó ń ka iye. Tó bá sọ fún mi pé 11, nígbà tí mo mọ̀ pé ó yẹ kó lé ní 30, mo ti mọ̀ pé ìyókù ṣì wà níta. Púpọ̀ nínú irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ní ibi tí a ti lè yí 10 sí 100. Màá yí i, màá tún kà á, kí n tó kó o.

Bàbá gba ìwé tí a tẹ̀ jáde, wọ́n tún fi báírò pupa yẹn kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ Oríire. Ìkòyí-Ilé ló wà níwájú rẹ̀, àmọ́ ojú ìwé tí a kó o wá ti kọ ọ́ ní `Ikoyi` lásán, bíi ti Èkó. Wọ́n ní kí n fi "Ilé" kún un, kí n sì fi àmì sórí gbogbo orúkọ ìlú tó kù. Ìyẹn la fi ọwọ́ ṣe, èmi àti àwọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pè é, mo ń tẹ̀ ẹ́.